Òròmọdìẹ Kérésìmesì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́sìn Béèrè Kó Tó Sanwó

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé ìdajì, fóònù àwọn tó ń ta òròmọdìẹ kì í sinmi mọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìwó. Àwọn ọlọ́sìn tó fẹ́ ta adìẹ búrọ́ílà nígbà ọdún ti ń wá ọmọ tí wọn yóò sìn. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni, “Ṣé ọjà wà?” Ìdáhùn tí wọ́n máa ń rí gbà kò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ó wà.” Owó á lọ, ọlọ́sìn á tún ilé adìẹ ṣe, á ra oúnjẹ sílẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò wá gbọ́ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní “ó wà” ló ń parọ́. Òròmọdìẹ kì í ṣe ọjà tí à ń tò sí ṣọ́ọ̀bù de oníbàárà. Ìyókù pupa ẹyin tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó jáde ló ń gbé e ró, kò sì lè gbé e kọjá nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ìdí nìyí tí háṣárì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin, fi máa ń kó ọmọ fún oníbàárà lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì. Ọjà tí háṣárì ní lọ́wọ́ ni ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí àwọn ẹlòmíràn ti sanwó lé.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò kó tó pa. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì, bó ti wù kí oníbàárà pọ̀ tó. Ọjọ́ 21 yìí ni ọlọ́sìn lè fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà fún un wò, nítorí pé ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde ní láti mọ ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ wọ ẹ̀rọ.

Ká ní ọlọ́sìn kan nílò búrọ́ílà 500, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tó bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ni ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé. Tó bá tún ka ọjọ́ 21 sẹ́yìn, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni ẹyin gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ. Tó bá pè ní ìdajì oṣù Kẹsàn-án, ẹyin tó ń wá kò tíì wọ ẹ̀rọ rárá. Ohun tó lè béèrè nígbà náà ni ètò háṣárì, kì í ṣe ọmọ tó wà nílẹ̀. Ó lè kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Búrọ́ílà 500 ni mo fẹ́, mo sì fẹ́ gbà á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni ẹyin rẹ̀ yóò wọ ẹ̀rọ? Mélòó ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sanwó lé? Bí 500 kò bá pé, mélòó ni ẹ lè fún mi, ọjọ́ wo ni òmíràn yóò sì tún jáde?”

Ẹni tó mọ̀ yóò dárúkọ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ háṣárì ló ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ tí ọmọ wọn máa ń jáde, aṣojú tó bá ń bá wọn ṣe lóòótọ́ á sì mọ̀ ọ́n. Aṣojú tó bá ní, “Ọjọ́ tó bá wù yín la máa gbé e wá,” kò tíì ní ọmọ kankan lórúkọ ara rẹ̀. Ó fẹ́ gba owó ná kó tó wá a lọ ni.

Ìbéèrè nípa iye tó ṣẹ́ kù ní ìdí tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹyin tó wọ ẹ̀rọ ló ń di ọmọ. Bí nǹkan bá lọ dáadáa, nǹkan bí 80 ni yóò jáde nínú 100. Nígbà tó bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa, wọ́n máa ń kó ẹyin bọ́ sínú ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi iná yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n lè yọ àwọn tí kò ní nǹkan nínú kúrò. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá nìyẹn máa bọ́ sí fún ọlọ́sìn wa. Ọjọ́ náà ló yẹ kó pè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ìgbà yẹn ni háṣárì lè sọ iye tí ojú rí. Bí ọmọ bá dín, kó béèrè bóyá wọn yóò pín in fún gbogbo ẹni tó sanwó, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni yóò gbà á pé. Owó àsansílẹ̀ náà ń kọ́? Ṣé wọn yóò dá a padà ni, àbí wọn yóò gbé e sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye wo sì ni wọn yóò tà á nígbà náà?

Kí ló dé tí háṣárì kò kàn fi kún ọjà rẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé ọdún ń bọ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá adìẹ ni ìdáhùn wà. Adìẹ tó ń yé ẹyin búrọ́ílà á ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Háṣárì tó bá fẹ́ ní ọmọ púpọ̀ ní oṣù Kẹwàá ní láti ti gbé àwọn ìyá náà wọlé láti oṣù Kẹta tàbí ṣáájú rẹ̀. Bí ọjà bá ti wọ́n ní oṣù Kẹwàá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i lọ́dún náà.

Ìgbà tí ọjà bá wọ́n báyìí ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ọjà fún èèyàn. Láàrin àwọn adìẹ pupa tí à ń sìn fún ẹyin, obìnrin máa ń pupa láti ọjọ́ tó jáde, akọ sì máa ń yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi ti ọmọ búrọ́ílà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lè gba páálí mẹ́wàá, ọmọ 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má mọ̀ pé akọ wọ̀nyí ni wọ́n kó fún òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àṣírí máa ń tú: búrọ́ílà á ti fẹ̀ láyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ki, ṣùgbọ́n àkùkọ á ṣì tín-ín-rín. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ ń lò kó tó ṣeé tà, ọdún á sì ti kọjá. Nítorí náà, orúkọ irú adìẹ náà, bóyá Kọ́ọ̀bù ni tàbí Rọ́ọ̀sì tàbí Máṣà, orúkọ háṣárì àti ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì. Kí ó sì wo ara páálí bóyá orúkọ háṣárì tó wà níbẹ̀ bá ti rìsíìtì mu.

Ká wá ní èsì tí ọlọ́sìn wa gbà ni pé 300 péré ló ṣẹ́ kù fún ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, òmíràn yóò sì jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Ó lè gba 300 náà, kó sì gba 200 lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn 200 yìí yóò pé ọ̀sẹ̀ méje ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Wọn kò ní wúwo tó àwọn ìyókù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé tà, bó bá ti lè ya ilé wọn sọ́tọ̀, nítorí pé ọmọ tó dàgbà jù wọ́n lọ á máa tì wọ́n kúrò nídìí oúnjẹ. Bí ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ni wọ́n bá dá fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, èrè rẹ̀ á sì dín. Bí ó bá wá jẹ́ ọjọ́ 15, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọn yóò jẹ́ nígbà tí ọjà Kérésìmesì bá ń gbóná, ṣùgbọ́n wọn yóò ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ààbọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ní oníbàárà tó ń se ìrẹsì ọdún tuntun lè gbà á, kó sì ṣètò oúnjẹ wọn títí di ọjọ́ náà.