Ṣíṣọ́ Fódà Àjọlò: Bí Fáìlì Kan Kò Ṣe Ní Di Méjì Nínú Ìwé Owó

Kí a mú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí báǹkì ń bá gba owó. Ní alaalẹ́, báǹkì a fi àkọsílẹ̀ àwọn tí ó sanwó sínú fódà kan tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ètò kọ̀ǹpútà kan ní ń ṣọ́ fódà náà: bí fáìlì titun bá dé, yóò kà á, yóò kọ owó ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé owó, yóò sì gbé fáìlì náà lọ sí ibi ìpamọ́. Lójú, iṣẹ́ náà rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ètò bá fo fáìlì kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti sanwó yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò; bí ó bá sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó san ₦45,000 yóò di ẹni tí ó san ₦90,000.

Ewu kìn-ín-ní ni kíka fáìlì tí kò tíì dé tán. Orúkọ fáìlì a máa hàn nínú fódà kí gbogbo ohun inú rẹ̀ tó wọlé. Bí `owo-0312.csv` bá ní ìlà 120, ètò lè bá a nígbà tí ìlà 70 péré ti dé, kí ó kà á, kí ó sì gbé e pamọ́. Ènìyàn 50 a sì sọnù láìsí ariwo. Ọwọ́ ẹni tí ń fi fáìlì ránṣẹ́ ni àtúnṣe wà: kí ó kọ ọ́ lábẹ́ orúkọ ìgbà díẹ̀, kí ó sì yí orúkọ náà padà nígbà tí ó bá parí. Lórí dísíkì kan náà, ìyípadà orúkọ kò ní ìdajì: ó ti ṣẹlẹ̀, tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Daniel Bernstein lò nínú `Maildir`, àpótí lẹ́tà tí ó ṣe fún ètò `qmail`. Inú `tmp` ni a ti ń kọ lẹ́tà. Ìgbà tí ó bá pé ni ó tó bọ́ sínú `new`. Bí báǹkì kò bá lè ṣe èyí, kí ìlà ìkẹyìn fáìlì sọ iye ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀, kí ètò má sì fọwọ́ kan fáìlì tí ìlà rẹ̀ kò pé.

Ti ṣíṣọ́ fódà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lórí Línọ́ọ̀sì, `inotify`, tí ó ti wà láti 2005, a máa ta ètò lólobó bí fáìlì bá dé. Ṣùgbọ́n kì í rí ohun tí kọ̀ǹpútà mìíràn gbé sínú fódà orí ìsokọ́ra. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ètò máa yẹ fódà wò fúnra rẹ̀, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí àpẹẹrẹ.

Bí ètò méjì bá jọ ń ṣọ́ fódà kan, àwọn méjèèjì lè rí fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kà á, kí ó kọ́kọ́ fi ìyípadà orúkọ gbé e láti `titun` sí `lowo`. Ọ̀kan ni yóò rí i gbé; èkejì yóò gba èsì `ENOENT`, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fáìlì náà kò sí níbẹ̀ mọ́, yóò sì kọjá lọ.

Èyí tí ó le jù ni iná tí ó lọ láàárín iṣẹ́. Bí ètò bá gbé fáìlì pamọ́ kí ó tó kọ owó, owó náà lè sọnù. Bí ó bá kọ owó kí ó tó gbé e pamọ́, ó lè tún un kọ nígbà tí iná bá dé. Títo iṣẹ́ méjèèjì padà nìkan kò lè tú kókó yìí. Ohun tí ó ń tú u ni pé kí a kọ àmì fáìlì náà, tí `sha256sum` fúnni, sínú ìwé owó kan náà, kí àmì àti owó sì jọ wọlé tàbí kí wọ́n jọ ṣubú:

```sql
BEGIN;
INSERT INTO faili_kika (ami) VALUES (:ami);
INSERT INTO owo SELECT * FROM ila_faili;
COMMIT;
```

Kí a fi òfin de `ami` pé kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ ní ìlà 80, gbogbo 80 náà yóò parẹ́, ètò yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 1. Bí iná bá lọ lẹ́yìn `COMMIT`, ètò yóò bá fáìlì ní `lowo`, yóò rí i pé àmì rẹ̀ ti wà, yóò sì gbé e lọ sí `ipamo` láì kọ kọ́bọ̀ kan.

Ààlà ọgbọ́n yìí jẹ́ méjì. Bí báǹkì bá tún fáìlì àná fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlà kan lé, àmì rẹ̀ yóò yàtọ̀, 120 ti àná yóò sì fẹ́ tún wọlé. Nítorí náà nọ́ńbà rìsíìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ìwé owó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ni pé ohun tí ó ti jáde kúrò nínú ìwé owó kò ṣe é dá padà. Bí ètò bá ń fi ìsọfúnni sórí fóònù òbí bí ó ti ń ka ìlà, tí iná sì lọ, òbí mìíràn yóò gba ìsọfúnni méjì. Owó nìkan ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà dáàbò bò.