Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Oníṣirò Owó

Ìwé tí oníṣirò owó fi ń dágbére fún ilé iṣẹ́ kò yẹ kó ju ojú ewé kan lọ. Ohun mẹ́ta péré ló gbọ́dọ̀ sọ: pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí òun yóò ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, àti bí òun yóò ṣe fi ìwé owó lélẹ̀. Ọpẹ́ ló máa ń mú kí ó dùn-ún kà.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ibẹ̀ ni iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ wà. Oṣù kan ló wọ́pọ̀ fún oníṣirò owó ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀ lè ní láti san owó dípò ọjọ́ tó kù.

Ẹ jẹ́ ká wo oníṣirò owó kan tó ti lo ọdún 4 ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ìbàdàn, tí ibòmíràn sì fẹ́ gbà á sí ipò tó ga jù. Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án, ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí n óò ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn ni 31 Oṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbé mi ga sí i ni mo rí. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ wá bá mi. Kí n tó lọ, n óò fi gbogbo ìwé owó lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́.”

Ohun kan pàtó ni ó dúpẹ́ fún, ìyẹn ni ọ̀gá fi máa mọ̀ pé ọpẹ́ náà ti ọkàn wá. Kò dárúkọ ibi tó ń lọ tàbí iye owó tí wọn yóò máa san, kò sì ka ẹ̀sùn. Kò kọ “mo ń gbèrò láti lọ” tàbí “nígbà tó bá yá”, nítorí ìyẹn kò tíì jẹ́ ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Ìwé mìíràn lọ́tọ̀ ni àlàyé iṣẹ́ ń wà. Níbẹ̀ ni yóò kọ ọ́ pé owó orí òṣìṣẹ́ ti Oṣù Kẹwàá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá 10 Oṣù Kọkànlá, kí owó orí ọjà sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kó tó kọjá 21. Yóò kọ ibi tí ó bá ìwé báńkì dọ́gba dé, àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè, àti pé kí wọ́n yọ ìfọwọ́sí òun ní báńkì. Bí èyí bá ṣófo, owó ìtanràn lè bọ́ sọ́rùn ilé iṣẹ́.

Ọ̀gá ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ìwé tó dé. Kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ sì tọ́jú rẹ̀: òun ni ẹ̀rí ọjọ́ tí ìfitónilétí bẹ̀rẹ̀.