Síláìdì Tí Kò Lè Dá Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá A Kí A Tó Pín In

Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn tí kò sí níbẹ̀ a máa béèrè fún síláìdì tí olùgbékalẹ̀ lò. Ojú ìwé nìkan ni yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àlàyé ẹnu tí ó gbé e ró kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2003. Fóòmù já lu ìyẹ́ apá òsì ọkọ̀ òfurufú Kòlọ́ńbíà nígbà tí ó ń gbéra. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe síláìdì lórí rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá NASA. Àkọlé ọ̀kan nínú wọn fi ọkàn òǹkàwé balẹ̀ pé àbájáde ìdánwò kò burú. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù náà tó ínǹṣì kúbíìkì 1920, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò jẹ́ 3 péré. Ọkọ̀ náà fọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì bí ó ti ń padà bọ̀, ènìyàn méje sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà sọ pé ọ̀gá àgbà lè ka síláìdì yìí láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Nítorí náà, kí a tó pín síláìdì, kí á kọ́kọ́ kọ gbólóhùn kan tí a máa ń fi ẹnu sọ lórí ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí á fún ẹni tí kò wá sí ìpàdé, kí ó sì jẹ́ ará ẹ̀ka mìíràn, nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wa yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ dí àlàfo náà. Kí ẹ má ṣe bi í pé, "Ṣé ó yé ọ?" Ẹ bi í pé, "Kí ni ó sọ?" Ẹni tí nǹkan rú lójú yóò béèrè, ẹni tí ó ṣì í lóye kò ní béèrè. Níbi tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí gbólóhùn wa, síláìdì náà fi ara ti ẹnu. Àwòrán tàbí iye tí kò ní àfiwé ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé àkọlé kò nílò àyẹ̀wò yìí.

Ní ti Kòlọ́ńbíà, àkọlé tí ó yẹ ni: "Fóòmù tí ó já tóbi ní ìlọ́po 640 ju ti ìdánwò wa lọ, ìdánwò náà kò lè sọ bí ìyẹ́ ti farapa tó." Orí síláìdì gan-an ni kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ wà. Èyí tí a bá kọ sí àyè àkọsílẹ̀ olùgbékalẹ̀ kì í bá PDF lọ, àfi tí a bá yan Notes Pages nígbà tí a ń ṣe é.