Ife Tó Ní Kútẹ́ẹ̀sì Pupa

Ní Itamaga, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-yú ni ilé tí àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ń gbé. Yàrá márùn-ún wà lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró sì là wọ́n láàárín. Èèyàn mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá tirẹ̀: òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ìyàwó tó ń mójú tó àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méjì, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ tajà ní Sábó. Ife márùn-ún ló wà nínú ilé. Táwẹ̀lì méjì ni gbogbo wọn jọ ń lò.

Káfíńtà ni Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, eruku pákó ni gbogbo wa dá lẹ́bi. Ó mu oògùn ikọ́ olómi, ó mu àgbo, ó tún padà sọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì kan lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn sì ń ta kápúsù fún un lọ ràì láì béèrè iye ọjọ́ tó ti ń wúkọ́. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ ní ìdí rẹ̀. Bó bá jí lóru, ẹ̀wù rẹ̀ á ti tutù bí ti ẹni tí òjò pa. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ìyàwó rẹ̀ tó fi ipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ní kó wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà sínú ike kékeré kan, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ tí kò gbà ju wákàtí méjì lọ kó tó dáhùn, wọ́n sì sọ fún un pé ikọ́ ife ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, ó kun ìdí ife kan, ó kun ẹ̀yìn àwo kan àti ọrùn ṣíbí kan. Ó ra táwẹ̀lì tuntun, ó kan ìṣó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ kàn. Nígbà tó ṣe tán, ó ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, ó fi igi há ilẹ̀kùn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì sùn bí wọ́n ṣe máa ń sùn, Bọ̀ọ̀dá láàárín, ó ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

N kò lè bá a wí. Ohun tí ilé kọ́ ọ ló ṣe, ẹ̀kọ́ náà kò sì ṣàì wúlò. Apólò tó ń sọ ojú di pupa a máa bá táwẹ̀lì lọ láti ojú kan sí òmíràn. Onígbáméjì ń bẹ nínú omi, nínú ife àti lọ́wọ́ tí a kò fọ̀. Ẹni tó bá ti rí irú àrùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yóò kọ́kọ́ ronú kan ife. Orúkọ àrùn yìí sì tún ṣi ni lọ́nà: etí tó bá gbọ́ ikọ́ ife, ife omi ló máa rántí. Àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ fée, èyí tó sún mọ́ ọ̀ràn náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú èémí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ti gbé irú ilé yẹn rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ń dín ata nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni tó wà ní yàrá ìparí yóò fi máa sín, tí ọmọ ọwọ́ yóò máa wúkọ́. Kò sí ẹni tó bá ẹni tó ń dín ata mu omi nínú ife kan náà. Bí a tilẹ̀ kó gbogbo àwo rẹ̀ dà nù, ata náà yóò ṣì máa ta wá ní ọ̀fun. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé a ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè gbá a jáde. Bí ikọ́ ife ṣe ń rìn gan-an nìyẹn, àfi pé òun kì í ta ni ní ọ̀fun, a kì í sì í gbóòórùn rẹ̀.

Kòkòrò rẹ̀, tí Robert Koch fi han àwọn oníṣègùn ní Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, ní láti dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá kó tó lè rí ibi gbé. Bí aláìsàn bá wúkọ́, ẹ̀kán itọ́ ńlá yóò já bọ́ sílẹ̀, sórí aṣọ tàbí sínú ife. Ó ti tóbi jù láti wọ ibi jíjìn yẹn. Èyí tó kéré gan-an yóò gbẹ lójú ẹsẹ̀, yóò fúyẹ́ ju eruku pákó lọ, yóò sì máa fò káàkiri inú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí fèrèsé bá wà ní títì. Òun ni a ń mí sínú. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, Richard Riley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi páìpù fa afẹ́fẹ́ inú yàrá àwọn alárùn náà lọ sí òkè ilé, níbi tí wọ́n kó ẹran kéékèèké tó jọ eku sí. Ẹran wọ̀nyí kò rí aláìsàn kankan, wọn kò fẹnu kan ife ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n ń mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó o.

Ìbéèrè tó wá ń dun ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, tí kò lè bi dókítà, ni èyí: ṣé kí ọkọ òun kó jáde nínú ilé ni? Ibo ni yóò kó lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ ti wà láti ìlú Madras, ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Chennai lónìí. Ní ọdún 1956, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ dókítà ará Bìrìtìkó kan, Wallace Fox. Nígbà náà, ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé alárùn ikọ́ ife gbọ́dọ̀ kúrò nílé, kó lọ dùbúlẹ̀ ní ilé ìtọ́jú tó jìnnà, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù, oúnjẹ gidi àti ìsinmi wà. Bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn kò tó nǹkan lára àwọn aláìsàn tó wà ní Íńdíà. Wọ́n mú aláìsàn 193, tálákà tí ilé wọn há gádígádí bíi ti Itamaga, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí méjì. Apá kan lọ sí ilé ìtọ́jú. Apá kejì padà sí yàrá wọn, sáàárín ìyàwó àti ọmọ, sí oúnjẹ tí kò tó, àwọn kan tilẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Oògùn kan náà ni wọ́n fún apá méjèèjì fún ọdún kan.

Nígbà tí ọdún yí po, ìyàtọ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín iye àwọn tí ara wọn yá ní apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ará ilé. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Àwọn tó ń bá aláìsàn gbé inú yàrá kan náà nígbà tó ń lo oògùn kò kó àrùn ju àwọn tí aláìsàn wọn lọ sí ilé ìtọ́jú. Àkókò tí ewu wà jù ni kí wọ́n tó mọ̀ pé ikọ́ ife ni. Oògùn máa ń tètè pa agbára tí ikọ́ aláìsàn fi ń ran ẹlòmíràn; láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ń lò ó dáadáa, bí kòkòrò náà kò bá jẹ́ irú tí oògùn kò ràn, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ẹ wá wo ti Bọ̀ọ̀dá pẹ̀lú ojú yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí oníkẹ́mísìtì fi ń ta kápúsù fún un ni ewu ilé náà. Alẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kun ife ni ewu ti fẹ́ máa dín kù.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ṣe kò gba owó púpọ̀. Wọ́n so néètì sórí ibùsùn kí fèrèsé lè wà ní ṣíṣí lóru láìjẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Bọ̀ọ̀dá kó ẹní rẹ̀ lọ sí abẹ́ fèrèsé, àwọn ọmọ bọ́ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Nígbà tí iná bá wà, wọ́n gbé fáànù síbi tí yóò ti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lójú fèrèsé, nítorí fáànù tó ń yí nínú yàrá títì kàn ń pín afẹ́fẹ́ kan náà kiri ni. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ó ń fi ìbòmú bo ẹnu àti imú nínú ilé, ó sì ń jókòó síta lọ́sàn-án. Agolo tó ní ìdérí ló ń tutọ́ sí, ṣáláńgá ni wọ́n ń dà á sí.

Kílò 49 ni wọ́n wọ̀n ọ́n, nítorí náà hóró mẹ́ta ló ń gbé mì láràárọ̀ kó tó jẹun, oògùn mẹ́rin nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Kò san kọ́bọ̀ fún un. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fi sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí: yóò dúró tì í títí yóò fi gbé e mì, yóò sì fi àmì sórí káàdì. Lọ́jọ́ kejì, ó ké pé òun ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn náà, rifampisíìnì, a máa sọ ìtọ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn, kò sì ní ewu. Ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì, ojú tó pọ́n bí ìyeyè tàbí èébì tí kò dá ni kí a gbé sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n yẹ gbogbo ará ilé wò. Ara wọn dá, ṣùgbọ́n wọ́n fún ọmọ ọdún méjì ní oògùn ìdènà, nítorí àrùn yìí yára wọ inú ọpọlọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Ibi tó ti le jù ni oṣù kẹta. Ikọ́ ti lọ, ó ti sanra, oògùn ti dín sí oríṣi méjì, ó sì ń sọ pé kí ni òun tún ń mu ún fún. Oṣù mẹ́fà ni. Kòkòrò tó kù nínú ẹni tó dá oògùn dúró lágbedeméjì lè padà wá pẹ̀lú agbára tí oògùn yẹn kò ní lè ká mọ́, òun náà ni yóò sì kó ran ilé. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò níparí oṣù kẹfà, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ife oníkútẹ́ẹ̀sì mu omi, títí kan Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ní gbogbo oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ife yẹn dun òun ju àìsàn lọ, pàápàá nígbà tí ọmọ òun bá sáré gba omi lọ́wọ́ òun tí ìyá àgbà sì fà á sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, bí ikọ́ ẹnikẹ́ni bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé yín, ẹ mú un lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fi ife ilé mu omi.