"Ẹ Kú Àná" Lẹ́yìn Ìpè Rikúrútà

Bí wọ́n bá ṣe ìnáwó ládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó jẹ tó mu níbẹ̀ kì í gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìyà. Á ní, "Ẹ kú ìnáwó àná o." Ó ti dúpẹ́ lánàá kó tó lọ sílé, síbẹ̀ ó tún dúpẹ́. Kì í sì í dúpẹ́ lásán, ó ń dárúkọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Ẹni tó rìnrìn àjò dé, a ó kí i kú ìrìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ó kí i kú iṣẹ́. Bí Yorùbá ṣe ń kíni nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń wáṣẹ́ ló ń gbàgbé àṣà yìí tí wọ́n bá ti bá rikúrútà sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Rikúrútà ni ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ pe ẹni tó kọ̀wé wáṣẹ́, fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, kó lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ọ̀gá ẹ̀ka tó fẹ́ òṣìṣẹ́ fojú kàn án. Tí ìpè náà bá parí, rikúrútà á ní, "A ó kàn sí yín." Ẹni tó ń wáṣẹ́ á gbé fóònù sílẹ̀, ó di ìretí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan ṣì kù tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ náà gan-an: lẹ́tà ìdúpẹ́ tí kò ju gbólóhùn méje lọ.

Ká tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó yẹ ká mọ ohun tí rikúrútà ń ṣe lẹ́yìn tí ìpè bá parí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè lóòjọ́, ipò tó ń wá èèyàn sí sì lè ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán, á kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa rẹ̀ sínú ètò kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ ń lò fún ìgbanisíṣẹ́, irú Greenhouse tàbí Workday. Á kọ iye owó oṣù tí onítọ̀hún ń fẹ́, ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi tó ń gbé, àti bóyá ó mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ẹ̀ka máa kà. Ọ̀gá náà kò sí níbi ìpè, kò gbọ́ ohùn ẹni tó ń wáṣẹ́. Ohun tí rikúrútà kò bá gbọ́ dáadáa, ọ̀gá kò ní rí i kà.

Ìdí nìyí tí "Ẹ ṣeun fún àkókò yín, mo ń retí yín" kò fi ṣe iṣẹ́ kankan. Kò sí ohun tí rikúrútà lè mú nínú rẹ̀ fi kún àkọsílẹ̀. Lẹ́tà tó ṣiṣẹ́ ni èyí tó mú ohun kan pàtó dání, tí rikúrútà lè dà kọ bó ṣe wà fún ọ̀gá ẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ oníṣirò owó n'Íbàdàn, ó wá kọ̀wé wá irú iṣẹ́ kan náà sí ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oúnjẹ káàkiri ní Ìkẹjà. Rikúrútà pè é ní aago 11 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Rikúrútà ṣàlàyé pé ìwé ìṣirò oṣù máa ń pẹ́ kó tó jáde níbẹ̀ torí pé àkáǹtì wọn ní báǹkì pọ̀. Ó bi í bóyá ó ti fi ìwé owó ilé iṣẹ́ wé ti báǹkì rí. Ẹ̀rù díẹ̀ ti ń bà á, ló bá kàn dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni Mà, mo máa ń ṣe é." Wọ́n béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó lè kúrò níbi tó wà, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ICAN rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní òun á gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù rẹ̀. Bí ìpè ṣe parí, ohun mẹ́ta ló kọ sí i: ohun tí rikúrútà tẹnu mọ́ jù, ohun tí òun ṣèlérí, àti ìbéèrè tí òun kò dáhùn dáadáa. Inú ohun mẹ́ta yìí ni gbogbo lẹ́tà náà ti jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ ọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Àkọlé: Ìpè àárọ̀ yìí lórí iṣẹ́ oníṣirò owó, Ìkẹjà

"Ẹ káàsán Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí lórí iṣẹ́ oníṣirò owó ní Ìkẹjà. Ẹ sọ pé ìwé oṣù máa ń pẹ́ torí pé àkáǹtì pọ̀. Níbi tí mo wà, àkáǹtì 6 ni mò ń fi wé ti báǹkì lóṣooṣù, ohun tó sì ń gbà wá ní ọjọ́ 9 tẹ́lẹ̀ ti di ọjọ́ 4. Mo sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa fi sọ fún ilé iṣẹ́ mi kí n tó kúrò, àmọ́ mo ti yẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi wò, oṣù kan ni. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ICAN tí ẹ béèrè wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Màá máa retí yín lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ẹ ṣe wí."

Ó parí. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí rikúrútà fi máa kà á tán.

Gbólóhùn nípa àkáǹtì mẹ́fà ló wúwo jù nínú lẹ́tà náà. Nínú ìpè, "mo máa ń ṣe é" ni rikúrútà gbọ́, gbogbo ẹni tó pè lọ́jọ́ yẹn ló sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, ó ti ní iye àkáǹtì, ó ti ní iye ọjọ́, wọ́n sì bá ìṣòro tí òun fúnra rẹ̀ sọ mu. Kò nílò kó jẹ́ oníṣirò owó kó tó lè kọ ìyẹn síwájú ọ̀gá ẹ̀ka. Ọ̀gá tó jẹ́ oníṣirò owó ló máa mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan lè dà bí ohun tó máa ba nǹkan jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbà á tán tí ilé iṣẹ́ ti ṣètò ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ oṣù kan wá yọjú nígbà náà, á dà bí ẹni pé ó fi pamọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀, àṣìṣe kékeré tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ tún ṣe ni.

Ibi tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí tún ní ètò tirẹ̀. Bí rikúrútà bá fi ímeèlì dá àkókò ìpè, orí ímeèlì yẹn ni kí èèyàn ti fèsì, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ àti tuntun lè wà lójú kan. Níbẹ̀ náà lèèyàn á ti rí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, torí etí kì í mọ sípẹ́lì. Bó bá jẹ́ orí Wásáàpù ni wọ́n ti ṣètò, èèyàn lè fèsì síbẹ̀, kó má sì gùn. Bí kò bá sí àdírẹ́sì kankan, ìfiránṣẹ́ kúkúrú lórí LinkedIn tó. Ohun tí kò dára ni kéèyàn máa wá nọ́ńbà àdáni rikúrútà kiri. Àwọn rikúrútà kan sì wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ àárín tó ń báni wáṣẹ́ ni wọ́n wà, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí èèyàn kọ̀wé sí, kó má fò ó lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe tó máa ń ba lẹ́tà yìí jẹ́ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti rí. Ọ̀kan ni kéèyàn da lẹ́tà àná kọ, kí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn wá ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Òmíràn ni gígùn: ẹni tó tún ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó fi àdúrà gígùn kún un, ti bo gbólóhùn kan ṣoṣo tó wúlò mọ́lẹ̀. Ìkẹta ni kí ìdúpẹ́ di ìdúnàádúrà owó oṣù. Ọ̀rọ̀ owó ní àkókò tirẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn fẹ́ gbà á.

Bí wọ́n ṣe ka lẹ́tà yìí sí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ń retí rẹ̀. Ní ọdún 2019, Jessica Liebman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá olóòtú ní Business Insider, kọ ọ́ síta pé òfin òun ni pé ẹni tí kò bá fi ímeèlì ìdúpẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n má gbà á. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e le. Ọ̀pọ̀ sọ pé òfin bẹ́ẹ̀ ń fìyà jẹ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní àṣà náà, bí ẹni tó dàgbà sí ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, ó sì kan ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston tàbí Atlanta gbọ̀ngbọ̀n. Ní Bírítéènì, wọn kì í retí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun pàtó tó wà nínú rẹ̀ ṣì wúlò fún ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀.

Lẹ́tà náà kò sì lè ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Bí owó tí oníṣirò owó wa ń béèrè bá ti kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ ní nílẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí kò ní, gbólóhùn díẹ̀ kò ní yí i padà. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, kò ní tún dúpẹ́ mọ́. Á dúró di Ìṣẹ́gun, á wá fi gbólóhùn méjì béèrè ibi tí nǹkan dé.

Títí dìgbà náà, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ 9 tó di 4 ti wà lórí ìwé báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka máa bi í tí wọ́n bá jọ jókòó ni pé, "Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ó ti mú ìwé pélébé yẹn, ó yí i sódì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdáhùn rẹ̀: àkáǹtì wo ló kọ́kọ́ mú, ta ló ń fi ìwé báǹkì ránṣẹ́, kí ló ń dá wọn dúró tẹ́lẹ̀.