Wáyà 4K Tí Kò Gbé 4K: Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Sí Ọlọ́jà

Bí ènìyàn bá ra wáyà HDMI lórí ayélujára, tó wá rí i pé àwòrán tí wọ́n ṣèlérí kò jáde bó ṣe yẹ, ohun tó sábà máa ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́jà ni pé, "Wáyà yín ò dáa." Ọlọ́jà á fèsì pé, "Tẹlifíṣọ̀n yín ni kò dáa." Ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jàre ní láti mọ ohun tí wáyà náà ń gbé, kó sì ti rí i dájú pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn tẹlifíṣọ̀n kó tó kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò mi kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n 4K kọ́ ara ògiri, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ géèmù PS5 rẹ̀ wà ní igun kejì pálọ̀, kí wáyà gba òkè sílìn kọjá. Ó ra wáyà oní-mítà 10 lọ́wọ́ ọlọ́jà kan l'Ékòó. Ohun tí ọlọ́jà kọ sábẹ́ àwòrán ọjà ni "4K 60Hz, 18Gbps". Dìsípáàṣì gbé e dé, wọ́n so ó, àwòrán yọ. Kò pẹ́ tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi ṣú, tí àwòrán sì tún padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà mìíràn, àwọn ẹ̀kán funfun wínníwínní á máa tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ káàkiri àwòrán.

Àwòrán 4K jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ̀kán tó wà nínú àwòrán kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 8. 60Hz túmọ̀ sí pé wáyà gbọ́dọ̀ gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọjá nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi àwọ̀ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kún un, pẹ̀lú àwọn àlàfo tó wà láàárín àti àwọn bíìtì àfikún tí HDMI ń lò, ẹrù náà á tó bíìtì bílíọ̀nù 17.82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí "18Gbps" ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 30Hz, ẹrù náà á dín sí ìdajì, 8.91, wáyà àtijọ́ tí agbára rẹ̀ kò ju 10.2 lọ á sì gbé e láìlàágùn. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà kan ń gbà yọ bọ́rọ́. Ẹni tó kọ "4K" lásán sára wáyà tó ń gbé 30Hz kò purọ́. Ó kàn pa ìdajì òótọ́ mọ́ sínú ni. Oríire aládùúgbò mi ni pé ọlọ́jà tirẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 60Hz àti 18Gbps.

Kí ló wá dé tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi ń ṣú? Bàbà ló wà nínú wáyà, bí wáyà bá sì ti ń gùn sí i ni agbára ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ń rẹ̀. Wáyà oní-mítà méjì lè gbé 18Gbps láìní wàhálà, kí wáyà oní-mítà 10 tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe má lè gbé e. Wáyà bàbà lásán kò sì lè sọ agbára tirẹ̀ fún ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ fún PS5, láti inú wáyà náà, pé òun lè gba 4K ní 60Hz. PS5 á gbà á gbọ́, á sì da gbogbo ẹrù lé wáyà lórí. Bí èyí tó dé òdìkejì bá ti bàjẹ́ jù, tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ ohun tó ń kà mọ́, ojú rẹ̀ á sì ṣú.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọ̀ ṣì tàbí pé àwòrán kò mú. Wáyà HDMI tí agbára rẹ̀ kò tó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán bá dúró digbí ṣùgbọ́n tí kò mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fíìmù náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe 4K.

Kí aládùúgbò mi tó kọ ohunkóhun, ó kọ́kọ́ wo inú ètò tẹlifíṣọ̀n. Lórí Samsung tirẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní `Input Signal Plus` gbọ́dọ̀ wà ní títàn fún ihò HDMI tí ènìyàn ń lò. Bí wọ́n bá pa á, ihò náà lè má gba ẹkúnrẹ́rẹ́ 4K 60Hz, kò sì sí wáyà tó lè tún un ṣe. Ó wà ní títàn. Ó wá gbé PS5 sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi wáyà kúkúrú tó bá a wá nínú páálí so ó mọ́ ihò kan náà, ojú tẹlifíṣọ̀n kò sì ṣú rárá. Ó dá wáyà gígùn padà, wàhálà tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ `Screen and Video` lórí PS5, ó sì dín `4K Video Transfer Rate` kù sí `-2`, èyí tó ń dín ìsọfúnni àwọ̀ kù kí ẹrù lè fúyẹ́. Wáyà gígùn náà fara balẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí ló lágbára jù, nítorí ó fi hàn pé ibi tí ẹrù ti wúwo ni wáyà ti ń ṣubú.

Lẹ́tà tó kọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́jà. Mo ra wáyà HDMI oní-mítà 10 lọ́wọ́ yín. Rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọjà náà pé ó ń gbé 4K 60Hz àti 18Gbps. Mo ti ya àwòrán ìpolówó náà, òun náà wà níbí. Bí mo bá lò ó ní 4K 60Hz, ojú tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣú léraléra. Wáyà mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà, tẹlifíṣọ̀n kan náà, ihò kan náà. Bí mo bá dín ẹrù kù, wáyà yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́. Ọjà náà kò bá ohun tí ẹ kọ mu. Mo fẹ́ dá a padà, kí ẹ sì san owó wáyà àti owó dìsípáàṣì padà láàárín ọjọ́ méje. Bí a kò bá yanjú rẹ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC."

FCCPC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó gbé e kalẹ̀ fún oníbàárà láyè láti dá ọjà padà, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bó bá ti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà kò sì wúlò fún iṣẹ́ ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ènìyàn béèrè kó tó sanwó pé, "Ṣé á gbé 4K 60Hz lórí mítà 10?" kó sì tọ́jú èsì náà sínú fóònù. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà náà kò pe ọlọ́jà ní olè, kò sì pe wáyà ní ayédèrú. Kò lè fi ìdí ìyẹn múlẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ tó wá ni pé kó yí wáyà náà, kí ẹnu tó wà lára PS5 bọ́ sára tẹlifíṣọ̀n. Wáyà tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú, tàbí èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni, ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà fún; wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ èyí tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára tirẹ̀. Ọlọ́jà wá ní òun á fi irú rẹ̀ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀, nítorí bàbà kan náà ni, gígùn kan náà sì ni. Ó ní bí wọ́n bá ní oní-ìmọ́lẹ̀, òun á gbà á. Wọn kò ní. Wọ́n dá owó wáyà padà fún un. Ọ̀rọ̀ owó dìsípáàṣì ni wọ́n ṣì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.