Aṣọ Gọ́tíìkì, Pọ́ńkì àti Gúrúńjì

Aṣọ gọ́tíìkì, pọ́ńkì àti gúrúńjì jẹ́ ọ̀nà ìmúra mẹ́ta tí ó jáde láti inú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ olólùfẹ́ orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé àwọn ohun kan wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò. Àpẹẹrẹ kan ni bàtà búùtù Dr. Martens olójú mẹ́jọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1960. Bàtà iṣẹ́ ni; àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn tí ń pín lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ oríṣiríṣi gbà á. Nítorí náà, bàtà nìkan kò lè fi ibi tí ẹnìkan tò sí hàn. Àwọn aṣọ tí ó bá a rìn ni a gbọ́dọ̀ wò.

Ní ti pọ́ńkì, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni aṣọ tí a ya, tí a sì tún so pọ̀ ní gbangba. Pínnì tí àwọn ìyá fi ń so ìtẹ́dìí ọmọ ìkókó ni wọ́n fi ń mú ojú yíya náà papọ̀. Richard Hell ti ń wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní New York kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Vivienne Westwood àti Malcolm McLaren ń tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wọn tí ó wà ní ojúlé 430, King's Road. Níbẹ̀ ni ṣòkòtò tí okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ti jáde: ìdè tí ó yẹ kí a fi pamọ́ ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gbé síta. Ṣùgbọ́n ọjà ṣọ́ọ̀bù náà wọ́n, apá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì ká a. Wọ́n ń ya aṣọ àlòkù, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, wọ́n sì ń kan ìṣó onímú sí jákẹ́ẹ̀tì awọ fúnra wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni pínnì náà ń tọ́ka sí: pé ènìyàn lè ṣe aṣọ tirẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àmì ìwà ipá.

Aṣọ gọ́tíìkì hù láti ara pọ́ńkì, ó sì fìdí múlẹ̀ ní àyíká ilé ijó Batcave tí wọ́n ṣí ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1982. Dípò yíya, ọ̀ṣọ́ ni ó yàn: àrán, léèsì, kọ́sẹ́ẹ̀tì tí ó ń há ìbàdí mọ́ra, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ dúdú. Aṣọ ọ̀fọ̀ ìgbà Ayaba Fikitóríà ni a ti yá púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1861 ni ayaba náà ti ń wọ dúdú títí tí òun náà fi kú ní 1901. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lónìí kì í sábà ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹwà tí ó wà nínú ohun ìbànújẹ́ ni aṣọ náà ń sọ. Àgbélébùú fàdákà pẹ̀lú kò fi ẹ̀sìn ẹni tí ó fi í sọ́rùn hàn, yálà rere tàbí búburú. Onígbàgbọ́ wà lára wọn, aláìlẹ́sìn náà wà.

Gúrúńjì yàtọ̀ ní ti pé kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì rárá. Òtútù àti òjò wà ní Seattle, ṣẹ́ẹ̀tì fúláńẹ́ẹ̀lì alápẹpẹ tí àwọn agégẹdú ń wọ̀ wà níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, àwọn olórin kò sì lówó lọ́wọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ lé ara wọn pẹ̀lú jíìnsì tí ó ti já lórúnkún. Àwọn ará ìta ni ó ń wá ìtumọ̀ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ìwé ìròyìn New York Times tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn ọmọ gúrúńjì ń lò jáde, títí kan orúkọ fún jíìnsì tí ó ti gbó. Àṣé Megan Jasper, obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí títa orin, ni ó hùmọ̀ gbogbo rẹ̀ láti fi oníròyìn ṣeré. Ní oṣù kan náà, Marc Jacobs gbé gúrúńjì lọ sí ìpàtẹ aṣọ ilé-iṣẹ́ Perry Ellis, ó fi sẹ́dà olówó ńlá ṣe àwòrán fúláńẹ́ẹ̀lì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Àṣìkà aṣọ lè la ẹ̀mí lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, àwọn ọmọkùnrin kan lu Sophie Lancaster, ọmọ ogún ọdún, àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìlú Bacup, nítorí ìmúra gọ́tíìkì wọn. Sophie kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ọlọ́pàá Greater Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkọlù sí àwọn tí ń múra báyìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀daràn ìkórìíra, bí wọ́n ti ń ṣe sí ìkọlù nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn.